Fíìmù Tó Gba Àmì Ẹ̀yẹ: Ta Ló Fún Un, Ta Ni Kò Jẹ́ Kó Wọlé?

Mo mọ̀ pé bí a bá ti parí ìdánwò, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa kọ́kọ́ ṣe ni ká wá fíìmù wò. Ṣùgbọ́n dátà ti wọ́n. Fíìmù oníwákàtí méjì kan ṣoṣo lè gbé dátà tí èèyàn fẹ́ fi lo ọ̀sẹ̀ kan mì, kí fíìmù ọ̀hún sì tún jẹ́ radarada. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń wo pósítà dáadáa ká tó tẹ̀ ẹ́. Bí a bá ti rí ewé méjì tó tẹ̀ kọdọrọ yí orúkọ àjọ̀dún kan po, tàbí tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé fíìmù náà gba àmì ẹ̀yẹ, ọkàn wa á balẹ̀. Èmi náà máa ń lò ó bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni ìgbà tí kì í ṣiṣẹ́, àti ìdí rẹ̀.

Àríyànjiyàn kan tó wáyé ní kíláàsì wa ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnì kan sọ pé fíìmù Yorùbá ò lè dé ibi kankan, pé lọ́dún 2022, àwọn ọmọ Nàìjíríà fúnra wọn ló jókòó tí wọ́n sọ pé kò sí fíìmù kankan tó tó o fi ránṣẹ́ sí Ọ́síkà. Gbogbo kíláàsì pariwo. Ohun tó sọ yẹn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ń túmọ̀ rẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ọ́síkà tí wọ́n ń fún ní Amẹ́ríkà ní ẹ̀ka kan fún fíìmù ilẹ̀ òkèèrè. Orílẹ̀-èdè kan ò lè fi ju fíìmù kan ṣoṣo ránṣẹ́ lọ́dún kan, ìgbìmọ̀ kan ní orílẹ̀-èdè náà ló sì máa yàn án. Fíìmù náà gbọ́dọ̀ ti wà nílé sinimá fún ọjọ́ méje léraléra láàárín àkókò tí wọ́n dá. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ohun tó ju ìdajì ọ̀rọ̀ ẹnu inú rẹ̀ lọ kì í ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nàìjíríà ò ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ rárá títí di ọdún 2014. Nítorí náà, kí ọdún yẹn tó dé, kò sí fíìmù Nàìjíríà kankan tó lè gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé, ì báà dára bíi wúrà.

Lọ́dún 2022, ìgbìmọ̀ náà jókòó, èèyàn 15 ló dìbò. Mẹ́jọ nínú wọn dìbò pé kò sí fíìmù tó yẹ. Márùn-ún dìbò fún Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan darí. Ẹnì kan dìbò fún Agẹṣinkólé tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé jáde, ẹnì kan sì dìbò fún Ẹlẹ́ṣin Ọba tí Bíyí Bándélé darí. Ẹ kà á dáadáa. Mẹ́jọ sí méje ni! Ká ní ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn mẹ́jọ yẹn yí ọkàn rẹ̀ padà, "kò sí èyí tó yẹ" kì bá tí ní ju ìdajì ìbò lọ. Ẹ tún wò ó pé gbogbo fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó rí ìbò, fíìmù Yorùbá ni. Èèyàn méje nínú 15 gbà pé fíìmù Yorùbá kan yẹ fún un. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí orúkọ àwọn fíìmù tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ránṣẹ́ lọ́dún yẹn, òfo lẹ máa rí níbi tó yẹ kí Nàìjíríà wà. Òfo yẹn ò sọ ohun tí mo sọ fún yín yìí. Ẹni tó bá wò ó á kàn rò pé a ò ṣe nǹkan kan.

Ẹ wá jẹ́ ká mú àwọn fíìmù mẹ́ta yìí, ká gbé wọn lọ síbòmíràn, ká wo ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ẹlẹ́ṣin Ọba, èyí tí wọ́n yà láti inú eré oníṣe Wọlé Ṣóyínká. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 yẹn gan-an ni wọ́n fi hàn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní àjọ̀dún fíìmù Tòróńtò ní Kánádà. Ó ṣeni láàánú pé Bándélé ti kú lóṣù tó ṣáájú, kò rí ọjọ́ náà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi àjọ̀dún ńlá wọn fíìmù, Ẹlẹ́ṣin Ọba ló máa mú nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀. Fíìmù tí Tòróńtò ń fi hàn lọ́dún kan máa ń ju 200 lọ. Pé wọ́n fi fíìmù kan hàn níbẹ̀ túmọ̀ sí pé àwọn tó ń ṣà á rí i pé ó yẹ ká wò, kò túmọ̀ sí pé ó gba ẹ̀bùn. Ewé méjèèjì tó wà lórí pósítà kì í pín ìyẹn níyà. Lẹ́tà kóńkóló tó wà láàárín ewé ni ẹ máa kà. Bó bá sọ pé wọ́n yàn án láti fi hàn, ìyẹn ò ju bíi kí wọ́n pe èèyàn sí ibi ìdíje eré sísá. Bí ó bá sọ pé ó gba ipò, ìyẹn lọ́tọ̀.

Aníkúlápó tún wá ńkọ́? Òun ni ìtàn Sàró, ahunṣọ tó rìn dé Ọ̀yọ́, tí ìfẹ́ ayaba pa, tí ẹyẹ àkàlà sì jí dìde. Àwọn mẹ́jọ yẹn ní kò yẹ. Oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ní ibi AMVCA, ìyẹn àmì ẹ̀yẹ tí ìkànnì Áfíríkà Mágíìkì ń fúnni láti ọdún 2013, òun ló gba ipò fíìmù tó dára jù lọ nínú gbogbo wọn. Fíìmù kan náà ni o! Kò sẹ́ni tó lọ tún un ṣe láàárín oṣù mẹ́jọ. Àwọn tó jókòó dájọ́ ló yàtọ̀, ìbéèrè tí wọ́n sì bi í yàtọ̀. Ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ ń bi í pé, "Ṣé ó bá òfin àwọn ará Amẹ́ríkà mu, ṣé ó sì lè bá fíìmù gbogbo ayé jà?" Àwọn kejì ń bi í pé, "Nínú àwọn tó wà nílẹ̀ yìí, èwo ló ta yọ?"

Agẹṣinkólé ò ní ewé Tòróńtò, ipò tó ga jù lọ ní AMVCA ò sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọ ilé sinimá lóṣù Kẹrin ọdún 2022, owó tó pa ju 300 mílíọ̀nù náírà lọ. Ìyẹn náà jẹ́ ìbò, àwọn tó fi owó ara wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì ló dì í. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé owó kì í ṣe ẹ̀rí pé fíìmù dára. Òótọ́ ni, ìpolówó lè kó èèyàn lọ sílé sinimá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Kò dájú pé ìpolówó lè kó wọn lọ lọ́sẹ̀ kẹrin, ibẹ̀ sì ni mo máa ń wò. Bí fíìmù bá ṣì wà nílé sinimá lẹ́yìn oṣù kan, àwọn tó wò ó ló ń sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

Ohun mìíràn tún wà tó fà á tí Agẹṣinkólé fi lè máà ní ewé. Àwọn àjọ̀dún ńlá fẹ́ràn kí wọ́n jẹ́ àkọ́kọ́ láti fi fíìmù han ayé. Fíìmù tí gbogbo Èkó àti Ìbàdàn ti wò tán, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ gbà á mọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé fíìmù rẹ̀ fún àwa ará ilé ti pa ilẹ̀kùn náà dé mọ́ ara rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, bí a bá ń fi ewé nìkan ṣà, àwọn fíìmù tí wọ́n dìídì ṣe fún wa gan-an la ó máa fò kọjá. Lójú tèmi, ìyẹn burú ju kí ìgbìmọ̀ kan yan fíìmù tí kò dùn lọ.

Ọ̀rọ̀ èdè náà tún wà. Fíìmù àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ wa fi ránṣẹ́ sí Ọ́síkà ni Lionheart, tí Genevieve Nnaji darí, lọ́dún 2019. Wọ́n dá a padà. Kì í ṣe pé ó burú o. Ọ̀rọ̀ Ìgbò tó wà nínú rẹ̀ kò ju bí ìṣẹ́jú 11 lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyókù. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọdún yẹn gan-an ni wọ́n yí orúkọ ẹ̀ka náà padà, tí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ "èdè" kúrò nínú rẹ̀, àmọ́ tí òfin èdè ṣì wà níbẹ̀. Àwa tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ níwèé, wọ́n wá ní Gẹ̀ẹ́sì wa ò jẹ́ ká jẹ́ ará òkèèrè. Lọ́dún 2023, wọ́n fi Mami Wata tí C.J. Obasi darí ránṣẹ́, èdè Pijin ló pọ̀ jù nínú ìyẹn, ó sì wọlé. Bí ẹ bá fi Pijin àti Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ nílé ìwé yìí wéra, ẹ máa rí i pé irú ìlà báyìí kò sọ nǹkan kan nípa bí fíìmù ṣe dùn tó.

Mami Wata yìí tún wúlò fún nǹkan kejì. Níbi àjọ̀dún Súńdáǹsì ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2023, ó gba ẹ̀bùn pàtàkì ìgbìmọ̀ adájọ́. Bí ẹ bá dúró síbẹ̀, ẹ máa rò pé fíìmù tó kún fún ìjà àti eré ni. Ẹ ka orúkọ ẹ̀bùn náà tán. Iṣẹ́ kámẹ́rà ni wọ́n torí rẹ̀ fún un, Lílis Soares, obìnrin ará Bràsíìlì tó ya àwòrán rẹ̀, ló sì ni ín. Dúdú àti funfun ni fíìmù náà látòkè délẹ̀. Gbogbo ẹfun tí wọ́n fi kun ojú àwọn obìnrin náà, òkun lóru, awọ dúdú tó ń dán lójú iná, ojú lẹ máa fi jẹ ẹ́. Ìtàn rẹ̀ ń rọra rìn. Ẹni tó bá wò ó lórí fóònù kékeré nínú oòrùn, pẹ̀lú iná fóònù tó ti rẹlẹ̀, kò ní rí nǹkan kan nínú ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fún un lẹ́bùn. Á ní wọ́n tan òun jẹ. Wọn ò tan án jẹ, kò ka orúkọ ẹ̀bùn tán ni. Nítorí náà, bí fíìmù bá gba ẹ̀bùn ohùn tàbí ti kámẹ́rà, ẹ dúró di ìgbà tí ẹ máa rí tẹlifíṣọ̀n ńlá. Bí ó bá jẹ́ ti ìwé eré, ẹ lè wò ó lórí fóònù, ọ̀rọ̀ ẹnu ló ni í. Bí ó bá sì jẹ́ ti òṣèré kan ṣoṣo, ẹ mọ̀ pé ó lè jẹ́ òṣèré yẹn nìkan ló gbé e, kí ìyókù máa wọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Iye àwọn tó ń dájọ́ náà ní tirẹ̀. Ní Káànù, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe èyí tó lókìkí jù ní ilẹ̀ Faransé, àwọn adájọ́ ìdíje ńlá kì í sábà ju mẹ́sàn-án lọ, wọ́n sì máa ń yí wọn padà lọ́dọọdún. Èèyàn mẹ́sàn-án lè jiyàn títí di òru. Àwọn mẹ́rin lè fẹ́ràn fíìmù kan kíkankíkan kí àwọn mẹ́rin yòókù kórìíra rẹ̀, kí wọ́n wá gbà lórí ẹ̀kẹta tí kò sẹ́ni tó bínú sí. Wọn kì í tún sábà kó ẹ̀bùn ńlá jọ sórí fíìmù kan ṣoṣo níbẹ̀, wọ́n máa ń pín in. Bí fíìmù kan bá wá gba ti olùdarí dípò ipò kìíní, ó lè jẹ́ pé bí wọ́n ṣe pín in ni. Mo ti wá ń wo ipò kejì àti ìkẹta bí mo ṣe ń wo ìkìíní. Ibi tí aráàlú ti ń dìbò lórí ẹ̀rọ tún wá yàtọ̀ sí èyí. Àwọn ẹ̀ka kan wà ní AMVCA tí àwọn òǹwòran ń dìbò sí. Ẹ̀yin náà ti rí àwọn òṣèré tó ń bẹ̀ wá lórí Wọ́sáàpù pé ká dìbò fún àwọn. Ẹni tí ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pọ̀ jù ló máa borí níbẹ̀, bí ìbò aṣíwájú akẹ́kọ̀ọ́ tiwa náà ṣe rí.

Ibi tí orúkọ àwọn tó gbàmì ẹ̀yẹ ti ń tan èèyàn jù, lójú mi, ni fíìmù àtijọ́. Ẹ mú Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání darí, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Ọdún 1999 ló jáde. Ọdún 2005 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ AMAA, tí Peace Anyiam-Osigwe dá sílẹ̀. Ọdún 2013 ni AMVCA. Ọdún 2014 ni ìgbìmọ̀ Ọ́síkà tiwa. Ta ló wà nílẹ̀ tó máa fún Ṣaworoidẹ ní nǹkan nígbà yẹn? Ẹni tó bá sọ pé FESPACO ti wà, òótọ́ ló sọ. Láti ọdún 1969 ni wọ́n ti ń ṣe é ní Wagadúgù ní Bùkínà Fásò. Ṣùgbọ́n títí di ọdún 2015, fíìmù onírílì, oní-mílímítà 35, nìkan ni wọ́n ń gbà sínú ìdíje ńlá ibẹ̀. Rílì yẹn wọ́n gan-an, a ò sì ní ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ dáadáa nílé. Fídíò ni àwọn tiwa fi ń ya fíìmù, kí wọ́n tà á ní kásẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, gbogbo àsìkò tí àwọn òbí wa ń ra kásẹ́ẹ̀tì Yorùbá, ìdíje ńlá Wagadúgù ò lè rí wọn. Fíìmù ọmọ Nàìjíríà tó gba ẹṣin wúrà wọn lọ́dún 2007, Ezra tí Newton Aduaka darí, kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fi FESPACO wo ọdún 1990 sí 2010 á rò pé a sùn ni. Fún fíìmù ìgbà yẹn, ẹ bi àwọn màmá yín, ẹ bi àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù fídíò nígbà kan. Àwọn tó wà nílé ló ń rántí.

Nípa ewé ayédèrú, mi ò ní fi àkókò ṣòfò. Àwọn àjọ̀dún kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ohun tí wọ́n ń tà ni ẹ̀bùn. Olúwarẹ̀ á san owó ìwọlé, wọ́n á fún un ní ewé, á tún san owó mìíràn kí wọ́n tó fi ife ránṣẹ́. Ẹ máa mọ̀ wọ́n báyìí: oṣooṣù ni wọ́n ń yan ẹni tó borí, ẹ̀ka wọn pọ̀ bí iyanrìn, wọn ò sì lè dárúkọ gbọ̀ngàn kankan tí èèyàn ti jókòó wo fíìmù náà. Bí pósítà kan bá ní ewé 20 tí ẹ ò mọ ìkankan nínú wọn, ẹ fura. Ewé kan láti ibi tí a mọ̀ ju ogún yẹn lọ.

Ohun tí mo wá ń ṣe báyìí rọrùn. Mi ò kí ń wo ẹni tó borí nìkan mọ́, gbogbo àwọn tí wọ́n fà kalẹ̀ ni mò ń wò, torí ìyàtọ̀ àárín ẹni tó borí àti àwọn yòókù lè jẹ́ ìbò kan, bí a ṣe rí i níbi mẹ́jọ sí méje yẹn. Lẹ́yìn náà, mo máa ń wá fíìmù tó gba ẹnu ọ̀nà méjì tó yàtọ̀ síra wọlé. Bí àwọn adájọ́ bá fẹ́ràn rẹ̀, tí àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì náà sì fẹ́ràn rẹ̀, ó ṣòro kí àwọn méjèèjì jọ ṣìnà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà kan péré ló gbà wọlé, mo máa ń bi ara mi pé èwo nínú àwọn méjèèjì ni mo jọ.

Ẹ sì máa wo orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ ọ́ sí. My Father's Shadow, tí Akínọlá Davies Kékeré darí, ìtàn bàbá kan àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì ní Èkó nígbà ìdìbò oṣù Kẹfà ọdún 1993 ni. Òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wọ inú àṣàyàn gidi ti Káànù, lọ́dún 2025, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ìyìn níbi ẹ̀bùn Kámẹ́rà Wúrà tó wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíìmù gígùn àkọ́kọ́. Yorùbá wà nínú rẹ̀, Pijin wà, Gẹ̀ẹ́sì wà. Ṣùgbọ́n owó àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀, àwọn ni wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí Ọ́síkà. Bí ẹ bá ń wá a nínú orúkọ àwọn fíìmù orílẹ̀-èdè, abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ wò.